Wọ́n ń fi kún oògùn taírọ́ọ̀dù mi, èsì àyẹ̀wò ò sì wálẹ̀

Ìyá Ìbejì Bàrígà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ rí, tàbí tó mọ̀ nípa oògùn, kó bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n yọ gẹ̀gẹ̀ mi, gbogbo taírọ́ọ̀dù ọrùn mi pátá ni wọ́n yọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lo lẹfotairọ́síìnì, oògùn tó ń rọ́pò rẹ̀. Máíkírógíráàmù 100 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo ṣe àyẹ̀wò, TSH mi, èyí tó máa ń ga tí oògùn ò bá tó lára, jẹ́ 14, wọ́n ní ó ga, kò yẹ kó fi bẹ́ẹ̀ ju 4 lọ. Wọ́n gbé oògùn lọ sí 125. Mo tún padà lọ, ó di 11. Wọ́n gbé e sí 150. Èyí tí mo gbà lọ́sẹ̀ tó kọjá ni 9.8. Dókítà wò mí títí, ó ní ṣé mò ń lo oògùn yìí ṣá. Inú bí mi gan-an, torí mi ò fo ọjọ́ kan rí.

Ara mi ò sì yá. Òtútù ń mú mi láàárín ọjà Balógun, níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń fi páálí fẹ́ ara wọn. Ó ń rẹ̀ mí bíi kí n sùn sórí ìdì áńkárá. Ìgbọ̀nsẹ̀ ò rọrùn, ohùn mi náà ti wúwo. Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni pé ṣé kì í ṣe ayédèrú ni wọ́n ń tà fún mi? Níbo lẹ ti ń ra tiyín, ní Erékùṣù tàbí ní apá Yábàá?

Délé Ṣómólú

Ayédèrú ni, mọ̀mí. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ìlú Èkó la wà yìí. Ẹ yí ibi tí ẹ ti ń rà á padà, ẹ ó rí i pé ara yín á yá.

Apòògùn Yábàá

Ẹ kú ìnira, mà. Ayédèrú oògùn wà lóòótọ́, mi ò ní bá Délé jiyàn, ẹ sì máa wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́ lára páálí. Ṣùgbọ́n ẹ wo èsì yín dáadáa: 14, 11, 9.8. Bí wọ́n ṣe ń fi kún un ló ń sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ kò sọ̀ tó bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ pé ẹfun lásán ni wọ́n tẹ̀ pọ̀ tí wọ́n ń tà fún yín, TSH ẹni tí wọ́n yọ gbogbo taírọ́ọ̀dù rẹ̀ kò ní sọ̀ rárá, ńṣe ni ì bá máa ga sí i. Nítorí náà, díẹ̀ ń wọ ara. Ibi tí ìyókù ń gbà lọ ni ká wá.

Ẹ bá mi dáhùn nǹkan wọ̀nyí. Aago mélòó lẹ ń lò ó? Kí lẹ fi ń gbé e mì? Oògùn mìíràn wo lẹ ń lò, ẹ má yọ fítámìnì sílẹ̀, ẹ má yọ àgbo sílẹ̀? Nígbà wo lẹ máa ń jẹun àkọ́kọ́? Ìkẹyìn, ṣé gẹ̀gẹ̀ lásán ni wọ́n yọ àbí wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú rẹ̀? Mo béèrè èyí torí pé ẹni tí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ lára rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ńṣe ni dókítà máa mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí TSH rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ti àwa yòókù lọ.

Ìyá Ìbejì Bàrígà

Ẹ ṣeun, apòògùn. Gẹ̀gẹ̀ lásán ni, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí jẹjẹrẹ.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mò ń jí. Bí mi ò bá tètè bọ́ sórí Tọ́ọ̀dù Méńláńdì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ma fi ojú mi rí. Mo máa po tíì gbígbóná pẹ̀lú mílíkì, ma kó gbogbo oògùn mi sí àtẹ́lẹwọ́ kan, ma fi tíì yẹn gbé e mì. Oògùn taírọ́ọ̀dù kan, kálísíọ́ọ̀mù funfun ràgàjì kan, oògùn ẹ̀jẹ̀ pupa kan. Kálísíọ́ọ̀mù yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún mi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sílẹ̀. Ọmọ àbúrò mi tún ra fítámìnì kan fún mi torí irun mi tó ń re, òun náà wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú mi máa ń ṣófo o. Dókítà ní kí n lò ó kí n tó jẹun, mi ò sì ń fi oúnjẹ kankan sẹ́nu títí di bí aago mẹ́sàn-án tí alákàrà bá dé ìsọ̀ wa.

Apòògùn Yábàá

Mà, inú yín ò ṣófo. Tíì àti mílíkì ti wà níbẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù wà nínú mílíkì náà. Ṣùgbọ́n mílíkì gan-an kọ́ ni olórí ẹlẹ́ṣẹ̀. Àwọn tí ẹ jọ kó sí àtẹ́lẹwọ́ kan yẹn ni.

Oògùn taírọ́ọ̀dù kò wọnú ẹ̀jẹ̀ láti inú ikùn. Ó gbọ́dọ̀ yọ́, kó sọ̀ kalẹ̀ sínú ìfun kékeré, ibẹ̀ ni ara ti ń gbà á, ó sì máa ń tó wákàtí méjì sí mẹ́ta kó tó gba èyí tó máa gbà. Bó bá bá kálísíọ́ọ̀mù tàbí irin inú oògùn ẹ̀jẹ̀ pàdé lójú ọ̀nà yẹn, wọ́n máa dì mọ́ ọn. Bíi kí agbèrò méjì di èèyàn mú lápá ọ̀tún lápá òsì ní Ọ̀ṣòdì: kò ní lè wọ bọ́ọ̀sì tó fẹ́ wọ̀, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀sì náà wà níwájú rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá dì mọ́ kò ní wọ ẹ̀jẹ̀, inú ìgbẹ́ ló ń bá lọ. Ẹ gbé 150 mì, ṣùgbọ́n ara yín lè má rí tó 100 gbà nínú rẹ̀. Dókítà yín kò mọ̀ pé àtẹ́lẹwọ́ kan náà lẹ̀ ń kó gbogbo wọn sí, nǹkan tó rí ò ju èsì láàbù lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń fi kún un.

Fítámìnì irun yẹn ńkọ́? Ẹ yí páálí rẹ̀ padà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn. Púpọ̀ nínú wọn ní irin àti kálísíọ́ọ̀mù. Ohun mìíràn tún wà nínú fítámìnì irun tí wọ́n ń pè ní báyótìnì, ìyẹn kì í dí oògùn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó lè da èsì TSH rú nínú ẹ̀rọ láàbù kan. Tó bá wà nínú tiyín, ẹ sọ fún àwọn láàbù, ẹ sì jẹ́ kó tó ọjọ́ méjì tí ẹ ti lò ó kẹ́yìn kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ yín.

Sístà Bísí Àkọ́kà

Mo ti ń lo taírọ́ọ̀dù tipẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ò le tó bẹ́ẹ̀. Ìdajì wákàtí ni wọ́n kọ́ mi, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún mi. Ẹ lo taírọ́ọ̀dù pẹ̀lú omi lásán ní aago mẹ́rin ààbọ̀, tó bá di aago márùn-ún ẹ mu tíì yín, ẹ kó ìyókù jẹ. Ó parí.

Apòògùn Yábàá

Sístà Bísí, omi lásán yẹn dára gan-an, ẹ sì gba ọ̀nà kan. Ìdajì wákàtí sí wákàtí kan ni ti oúnjẹ àti tíì, èmi a máa sọ fún àwọn tèmi pé kí wọ́n jẹ́ kó pé wákàtí kan tí wọ́n bá ráyè. Ṣùgbọ́n ti kálísíọ́ọ̀mù àti oògùn ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀. Wákàtí mẹ́rin ni tiwọn. Láàárín ìdajì wákàtí, oògùn lè ti kúrò nínú ikùn, ṣùgbọ́n ìfun ò tíì gbà á tán, kálísíọ́ọ̀mù á sì lé e bá níbẹ̀. Ṣé ẹ̀yin náà ń lo kálísíọ́ọ̀mù ni?

Sístà Bísí Àkọ́kà

Rárá o. Taírọ́ọ̀dù nìkan ni tèmi.

Apòògùn Yábàá

Ẹ ò rí i. Ìdí tí ìdajì wákàtí fi tó yín nìyẹn.

Bàbá Fọláṣadé Múṣin

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti wá dẹ́rù bà mí. Èmi ń lo oògùn taírọ́ọ̀dù láti bí ọdún kan, dókítà ò sì sọ fún mi rí pé kí n má jẹun. Lẹ́yìn ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni mo máa ń lo tèmi. Kabimasóólù lorúkọ rẹ̀. Ọkàn mi tó ń sáré tẹ́lẹ̀ ti lọ sílẹ̀, mo sì ti sanra padà. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní aago mẹ́rin báyìí ni?

Apòògùn Yábàá

Ẹ kú àtàárọ̀, sà. Ẹ má jí rárá. Oògùn tiyín kọ́ là ń sọ. Taírọ́ọ̀dù yín ń ṣiṣẹ́ àṣejù, kabimasóólù ló ń dẹwọ́ rẹ̀. Ìyá Ìbejì kò ní taírọ́ọ̀dù mọ́ rárá, òun ń gbé oògùn mì láti fi rọ́pò rẹ̀. Kálísíọ́ọ̀mù kò ní ìjà pẹ̀lú tiyín, ẹ máa lò ó bí dókítà ṣe kọ ọ́. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín: bí ibà tàbí ọ̀fun dídùn bá ṣàdédé mú yín, ẹ má ra oògùn ibà jẹ nílé, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an kí wọ́n ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín.

Bàbá Fọláṣadé Múṣin

Ó dáa, ọmọ mi. Ọlọ́run á dá ọ lọ́lá.

Délé Ṣómólú

Kí ni gbogbo wàhálà kíka wákàtí yìí? Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé kálísíọ́ọ̀mù ló ń dí oògùn gidi lọ́wọ́, kí mọ̀mí dá kálísíọ́ọ̀mù dúró. Ẹja wà, ewédú wà.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àràbà

Délé, jọ̀ọ́, má pa ìyá wa. Kókó kéékèèké mẹ́rin ló lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn taírọ́ọ̀dù, àwọn ló ń bójú tó kálísíọ́ọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń yọ gẹ̀gẹ̀, ó lè fara gba díẹ̀ nínú iṣẹ́ abẹ náà. Àwọn ẹlòmíràn, ó máa ń sọjí láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, ti àwọn mìíràn ò ní sọjí mọ́. Ìdí tí wọ́n ṣe kọ kálísíọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ nìyẹn. Kì í ṣe fítámìnì afẹ́.

Mo ti rí obìnrin tó dá tiẹ̀ dúró fúnra rẹ̀ lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí. Àyíká ẹnu rẹ̀ àti orí ìka ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń ta á yìn-ìn-rìn, ó rò pé òtútù ni. Kó tó di alẹ́, àwọn ìka rẹ̀ ti ká jọ sókè bí ẹni tó fẹ́ bu iyọ̀, wọn ò sì nà mọ́. Ìgbà tí a fún un ní kálísíọ́ọ̀mù sínú iṣan ló tó nà. Ìyá Ìbejì, ẹ sún un, ẹ má dá a dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ṣì gbọ́dọ̀ pé, àfi bí dókítà bá ṣàyẹ̀wò kálísíọ́ọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ yín tó sì dín in kù.

Ìyá Ìbejì Bàrígà

Háà! Orí ìka yẹn ta èmi náà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo kúrò ní ọsibítù. Mi ò ní dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ mi: tí n bá lo taírọ́ọ̀dù ní ìdájí, kálísíọ́ọ̀mù ẹ̀ẹ̀mẹta, oògùn ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan, kí gbogbo wọn jìnnà síra wọn ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, ṣé ọjọ́ kan á gbà á?

Kúnlé Sùúrùlérè

Alẹ́ ni kí ẹ gbé e lọ. Èmi ń lo tèmi nígbà tí mo bá fẹ́ sùn, ara tù mí, mi ò sì ń sá fún tíì láàárọ̀ mọ́. Kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀ o. Àwọn dókítà ní Netherlands dán an wò, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2010: èsì ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń lò ó ní alẹ́ dára ju ti àwọn tó ń lò ó ní àárọ̀ lọ.

Sístà Bísí Àkọ́kà

Èmi dán ti alẹ́ wò, mi ò rí oorun sùn. Mo padà sí àárọ̀ mi.

Kúnlé Sùúrùlérè

Bóyá nǹkan mìíràn ni kò jẹ́ kí ẹ sùn, Sístà. Oògùn yìí kì í ṣe kọfí tó máa ń gùn èèyàn láàárín wákàtí kan.

Sístà Bísí Àkọ́kà

Ara mi ni mo ń sọ, Kúnlé. Ìwọ ló bá mi sùn ni?

Apòògùn Yábàá

Ẹ fi ara yín sílẹ̀. Ti alẹ́ dára fún ẹni tó bá lè jẹun alẹ́ tán ní wákàtí mẹ́ta kó tó lo oògùn náà, tí kò tún ní fi ẹ̀pà tàbí bisikíìtì sẹ́nu lẹ́yìn náà. Ìyá Ìbejì, aago mélòó lẹ ń jẹun alẹ́, aago mélòó lẹ sì ń sùn?

Ìyá Ìbejì Bàrígà

Ó di ọwọ́ ọkọ̀. Mi ò kì í sábà wọlé kó tó di aago mẹ́jọ. Aago mẹ́sàn-án ni n óò fi jẹ àmàlà, aago mẹ́wàá ààbọ̀ mo ti sùn.

Apòògùn Yábàá

Nígbà náà, alẹ́ kì í ṣe tiyín. Wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́yìn àmàlà, oúnjẹ ṣì kún inú yín, kálísíọ́ọ̀mù alẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Ìdájí yín gan-an ló dára jù. Àìjẹun yín di aago mẹ́sàn-án ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún wa.

Bí mo ṣe rí i nìyí. Bí ẹ bá ti jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, kí ẹ tó fọ ẹnu, ẹ gbé taírọ́ọ̀dù mì pẹ̀lú ife omi lásán kan. Ẹ tọ́jú ife omi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti alẹ́. Tíì yín, ẹ rọ ọ́ sínú fúláàsì, ẹ gbé e dání, tí ẹ bá dé ìsọ̀ ẹ mu ún. Tí alákàrà bá dé ní aago mẹ́sàn-án, ẹ jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ, ẹ lo kálísíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ sí i, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ti kọjá nígbà náà. Irú kálísíọ́ọ̀mù tó wọ́pọ̀ ní kẹ́mísì wa, ara máa ń gbà á dáadáa tí oúnjẹ bá wà nínú, nítorí náà ẹ má lò ó lórí inú òfìfo. Aago méjì, pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, ẹ lo ìkejì. Aago mẹ́sàn-án alẹ́, pẹ̀lú àmàlà, ẹ lo ìkẹta. Láti ìgbà náà di ìdájí kejì, wákàtí méje ààbọ̀ ni, kò sí ìjà.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Kálísíọ́ọ̀mù máa ń dí òun náà lọ́wọ́, tíì náà ń dí i lọ́wọ́. Ẹ fi í sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tí ẹ bá ń palẹ̀ ìsọ̀ mọ́, ẹ fi omi tàbí ọsàn kan gbé e lẹ́sẹ̀. Tó bá ń dà yín nínú rú, ẹ fi búrẹ́dì díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra páálí mìíràn, ẹ bi dókítà bóyá ẹ ṣì nílò rẹ̀. Láti ọdún tó kọjá lẹ ti ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo PCV yín. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti gòkè, oògùn kan ti kúrò nílẹ̀ nìyẹn. Fítámìnì irun, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Taírọ́ọ̀dù tí kò tó lè mú irun re fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí ẹ bá sùn di aago méje, kí gbogbo nǹkan sún pẹ̀lú yín. Tí ẹ bá gbàgbé taírọ́ọ̀dù títí ẹ fi jẹun, ẹ lò ó nígbà tí ẹ bá rántí lọ́jọ́ náà, kí ó ti tó wákàtí mẹ́rin sí kálísíọ́ọ̀mù, ẹ má sọkún nítorí rẹ̀. Ó máa ń pẹ́ lára, ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ọjọ́ kan kò lè ba nǹkan jẹ́. Ohun tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ ni TSH ń kà.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àràbà

Apòògùn, ẹ má gbàgbé apá kejì, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí wàhálà. 150 ni ìyá yìí ń lò báyìí. Wọ́n fi kún un torí pé kò wọlé. Lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, 150 lè pọ̀ jù fún un.

Apòògùn Yábàá

Ó káre, Nọ́ọ̀sì. Ohun tí mo fẹ́ kàn nìyẹn. Mà, ẹ má kàn tún àkókò ṣe kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ pe dókítà yín tàbí kí ẹ lọ bá a lọ́sẹ̀ yìí, ẹ sọ fún un bí ẹ ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀ àti bí ẹ ṣe fẹ́ máa lò ó báyìí. Ó lè ní kí ẹ dúró lórí 150, ó lè ní kí ẹ padà sí 125. Òun ló ni ìpinnu yẹn, torí ó mọ ìwọ̀n yín, ó sì mọ bí ọkàn yín ṣe rí. Ẹ má dín in kù fúnra yín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ ṣe TSH. Kó tó ìgbà yẹn, èsì ò tíì dúró, owó ni ẹ máa ná dànù.

Láàárín ìgbà náà, bí àyà yín bá ń lù kìkìkì láìsáré, tí ọwọ́ yín ń gbọ̀n, tí ooru ń mú yín ju gbogbo èèyàn lọ, tí oorun dá, tí ẹ sì ń ya ìgbẹ́ lemọ́lemọ́, oògùn ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí mímí bá ń nira, ẹ gba ọsibítù lọ lójú ẹsẹ̀.

Alhaja Agége

As-salamu alaykum. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Tí ààwẹ̀ Ramadan bá dé, báwo ni kí n ṣe? Mi ò lè gbé oògùn mì ní ọ̀sán. Ìgbà ìṣínu ni mo fi ń kó gbogbo rẹ̀ jẹ pẹ̀lú dàbínù àti kunu, oògùn ẹgbò inú náà wà níbẹ̀.

Kúnlé Sùúrùlérè

Ẹ jí ní wákàtí kan kí sààrì tó tó, Alhaja, ẹ lò ó pẹ̀lú omi, lẹ́yìn náà kí ẹ wá jẹ sààrì.

Alhaja Agége

Kúnlé ọmọ mi, o mọ aago tí mò ń jí se sààrì fún ilé odindi? Kí n tún wá yọ wákàtí kan nínú oorun?

Apòògùn Yábàá

Wa alaykumu salam, Alhaja. Tí ẹ kì í bá jẹun mọ́ lẹ́yìn ìṣínu, ẹ lò ó nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, lẹ́yìn àṣàmù, kí wákàtí mẹ́ta ti kọjá lórí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n oògùn ẹgbò inú yẹn, irú wo ni? Bó bá jẹ́ olómi funfun tàbí èyí tí ẹ ń rún lẹ́nu, ohun tó wà nínú rẹ̀ máa ń di taírọ́ọ̀dù mú bíi kálísíọ́ọ̀mù ni, wákàtí mẹ́rin náà ni tirẹ̀. Ẹ gbé e sí ìdí ìṣínu, kí taírọ́ọ̀dù jìnnà sí i. Bó bá jẹ́ omẹpurasóólù, ìyẹn yàtọ̀. Ńṣe ló ń dín omi kíkan inú ikùn kù, oògùn taírọ́ọ̀dù kò sì ní yọ́ dáadáa, bó ti wù kí ẹ jìnnà sí i tó. Ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, dókítà máa ń wo TSH rẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá kó fi kún un.

Alhaja Agége

Omẹpurasóólù ni. Máa sọ fún dókítà. Olómi funfun náà wà nílé ṣá, tí inú bá ta mí gan-an ni mò ń mu ún.

Ìyàwó Tuntun Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta

Ẹ jọ̀ọ́, oyún oṣù méjì wà nínú mi, mo sì ń lo taírọ́ọ̀dù 75. Ọ̀la ni màá bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú aláboyún, mo mọ̀ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ kó fún mi. Ṣé kí n má gbà á ni?

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àràbà

Gbà á, lò ó. Àárọ̀ ni kí o lo taírọ́ọ̀dù, ọ̀sán tàbí alẹ́ ni kí o lo oògùn ẹ̀jẹ̀. Fólíìkì nìkan kò ní ìjà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ṣáà wò ó dáadáa, torí wọ́n máa ń pò ó mọ́ irin nínú hóró kan. Ṣùgbọ́n ohun tó jù ú lọ ni pé kí o sọ fún wọn lọ́la pé taírọ́ọ̀dù wà lára rẹ. Ara aláboyún máa ń béèrè taírọ́ọ̀dù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ọmọ inú náà ń mu nínú tìrẹ. Wọ́n máa fẹ́ wo TSH rẹ lọ́la gan-an, kí wọ́n sì tún máa wò ó ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin títí oyún á fi dé ìdajì. Tí wọn ò bá sọ ọ́, ìwọ ni kí o béèrè.

Ìyá Ìbejì Bàrígà

Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní kí n padà wá jíhìn. Mo bá dókítà sọ gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ì bá ti bi mí léèrè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wo ọkàn mi, ó ní kí n dúró sórí 150 ná, kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tàbí kó tó dìgbà náà bí àyà mi bá ń já. PCV mi jẹ́ 37, ó ní kí n fi oògùn ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Òtútù yẹn kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé mò ń jí ní aago méjì òru láìsí ìdí, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n tí mo bá ń ka owó fún oníbàárà. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, díẹ̀ ló kù, mo padà lọ bí Apòògùn ṣe sọ. TSH jẹ́ 0.1. Ẹ wò ó, èyí tó ga ní 9.8! Dókítà ní 150 ti pọ̀ jù fún mi, ó mú mi padà sí 125. Ọwọ́ ti dẹ̀kun gbígbọ̀n, oorun sì ti padà. Ó ku àyẹ̀wò tó ń bọ̀, bóyá 125 náà ló máa jẹ́ tèmi, bóyá 100 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ náà ni.

Délé Ṣómólú

Ẹ wò ó, kì í ṣe ayédèrú lóòótọ́. Mo gbà.

Sístà Bísí Àkọ́kà

Ìyá Ìbejì, àgbo ńkọ́? Ẹ ò sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi máa ń mu òpá ẹ̀yìn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láàárọ̀.

Ìyá Ìbejì Bàrígà

Èmi ò kì í mu àgbo. Apòògùn ni kí ẹ bi.

Apòògùn Yábàá

Sístà Bísí, ẹni tó pò ó nìkan ló mọ ohun tó kó síbẹ̀, mi ò lè ka wákàtí fún ohun tí kò ní páálí. Tí ẹ ò bá lè fi í sílẹ̀, ẹ má mu ún láàárọ̀. Ẹ sì sọ fún dókítà, kó fi kún ohun tó máa rò nígbà tó bá ń wo TSH yín.

Sístà Bísí Àkọ́kà

Ẹ̀yin apòògùn àti àgbo! Ó dáa, màá sún un sí ìrọ̀lẹ́.